Bí a ṣe ń fi rẹ́sísítọ̀ méjì ṣọ́ fóltéèjì bátìrì ínfátà: àpẹẹrẹ ṣọ́ọ̀bù kan ní Sábó, Ilé-Ifẹ̀

Bátìrì olómi 24 fóltì tó kún, tó sì ti sinmi láti alẹ́ di àárọ̀, á máa fi nǹkan bí 25.4 hàn lójú mítà. Bí ó bá ti lo ìdajì agbára rẹ̀, nǹkan bí 24.4 ni ẹ ó bá níbẹ̀. Fóltì kan ṣoṣo ló wà láàárín méjèèjì. Ẹni tó bá fẹ́ máa ṣọ́ bátìrì rẹ̀ nílò ohun tó lè ka fóltéèjì láìṣìnà ju ìdá kan nínú mẹ́wàá fóltì lọ. Iná kékeré mẹ́rin tó wà lójú ínfátà kò lè ṣe ìyẹn. Bọ́ọ̀dù kékeré kan, rẹ́sísítọ̀ méjì àti kápásítọ̀ kan lè ṣe é, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ wà níbi tó yẹ, kí a sì fi mítà tó ṣeé gbára lé tún iye tí wọ́n ń kà ṣe. Ọ̀pọ̀ irú iṣẹ́ yìí tí mo ti rí ló ń kọ nọ́ńbà jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n nọ́ńbà náà kì í ṣe ti bátìrì.

Ṣọ́ọ̀bù tí màá fi ṣe àpẹẹrẹ wà ní Sábó. Màmá tó ni ín ń ṣe fótókọ́pì, ó sì ń tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì. Ínfátà 2.5 kVA ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú bátìrì túbúlà 220 Ah méjì tí wọ́n so tẹ̀ léra láti di 24 fóltì, páńẹ́ẹ̀lì sólà lórí òrùlé, àti iná Nẹ́pà nígbà tó bá wù wọ́n láti mú un wá. Ẹjọ́ tí Màmá ń rò kò ṣòroó yé: “Ọmọ mi, iná mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń tàn ní aago márùn-ún, mo ní ó ti yó. Kí oníbàárà kejì tó kúrò níwájú mi, gbogbo rẹ̀ ti kú fin-ín.”

Iná mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn ò purọ́ fún Màmá tán. Bátìrì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí ṣájì máa ń gbé fóltéèjì tó ga ju agbára tó wà nínú rẹ̀ lọ, ó lè wà lórí 26 fún wákàtí mélòó kan kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ sí ibi tó jẹ́ tirẹ̀ gan-an. Ínfátà rí 26, ó tan gbogbo iná. Ohun tí Màmá nílò ni nọ́ńbà tó lè máa wò láàárọ̀ àti lálẹ́, àti bọ́sà tí yóò ké kí ínfátà tó pa ara rẹ̀.

Ohun tí píìnì A0 ń fi wọn nǹkan

Bọ́ọ̀dù tí a lò ni `Arduino Nano`, èyí tó ní ẹ̀rọ ATmega328P lórí. Ojú ìwọlé ánálọ́ọ̀gù rẹ̀, A0, kì í ka fóltì tààrà. Ó máa ń fi fóltéèjì tó wọlé wé fóltéèjì kan tí bọ́ọ̀dù mú gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n, ó sì ń dá nọ́ńbà padà láti 0 dé 1023. Bí òṣùwọ̀n bá yí, nọ́ńbà á yí, kódà bí bátìrì ò bá yẹsẹ̀. Ẹni tó bá ti ra gàrí lọ́wọ́ ẹni tó tẹ ìdí kóńgò rẹ̀ wọnú á mọ ohun tí mò ń sọ.

Bí ẹ kò bá sọ nǹkan kan fún bọ́ọ̀dù, fóltéèjì 5 tó fi ń ṣiṣẹ́ ni yóò mú ṣe òṣùwọ̀n. Fóltéèjì yẹn kì í dúró síbì kan. Bí ẹ bá fi wáyà USB gbé bọ́ọ̀dù yìí, dáyóòdù tó wà lójú ọ̀nà máa ń jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ lè bá 4.7 dípò 5. Kóòdù yín á gbà pé 5 ni, bátìrì tó wà ní 25.4 á sì di 27.0 lójú yín. Ẹ ó rò pé sólà ń gbé e lọ nígbà tí kò sí oòrùn rárá.

Òṣùwọ̀n kejì wà nínú ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, wọ́n ń pè é ní 1.1 fóltì. Lára bọ́ọ̀dù kan sí èkejì ó lè wà níbikíbi láàárín 1.0 sí 1.2, ṣùgbọ́n níbi tó bá wà lára tiyín, ibẹ̀ ló máa ń dúró sí, ìbáà ṣe USB lẹ fi gbé bọ́ọ̀dù tàbí ohun mìíràn. Èyí tó dúró sójú kan ni a fẹ́. Ibi tó dúró sí gan-an, mítà ni yóò sọ ọ́ fún wa níwájú.

Rẹ́sísítọ̀ wo ni ká mú?

Rẹ́sísítọ̀ méjì ni a tò láti pọ́sítíìfù bátìrì dé nẹ́gátíìfù. A pe ti òkè ní R1, ti ìsàlẹ̀ ní R2. Ibi tí méjèèjì ti pàdé ni A0 ti ń mu.

```
Vpin = Vbat * R2 / (R1 + R2)
```

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí bátìrì yín lè ga dé. Túbúlà 24 fóltì máa ń dé nǹkan bí 28.8 sí 29.6 nígbà tó bá ń gba ṣájì, bí wọ́n bá sì ń fi ṣájì tó le fọ̀ ọ́, ó lè kọjá 30. Nítorí náà mo máa ń ṣe ìṣirò lórí 32, kì í ṣe lórí 24 tí wọ́n kọ sára ínfátà. Bí òṣùwọ̀n bọ́ọ̀dù yín bá jẹ́ 1.0, tó kéré jù, 32 yẹn kò gbọ́dọ̀ ju 1.0 lọ tó bá dé A0.

Fún R1 a mú 330k, fún R2 a mú 10k. Àròpọ̀ wọn 340k, ìyẹn ni pé ìdá kan nínú mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n fóltéèjì bátìrì ló ń dé A0. Fóltì 32 á di 0.94. Ó bọ́ sí abẹ́ 1.0, ó sì sún mọ́ ọn tó láti má fi àyè ṣòfò. Ìgbésẹ̀ kan lórí nọ́ńbà A0 á dúró fún nǹkan bí 0.036 fóltì lára bátìrì, ó kéré sí ìdá kan nínú mẹ́wàá tí a ń wá.

Ẹ lè béèrè pé kí ló dé tí a ò lo 33k àti 1k, ṣé kì í ṣe ìdá kan náà ni. Ìdá kan náà ni, ṣùgbọ́n iná tó ń gba inú rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́wàá, tọ̀sán tòru ni. Pẹ̀lú 330k, ohun tí a ń mu lára bátìrì kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mílíáńpíà. Àǹfààní tó ṣe pàtàkì ju ìyẹn lọ ni ti ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́: bí ẹsẹ̀ R2 bá já, gbogbo fóltéèjì bátìrì ló kọjú sí A0, àmọ́ 330k ló dúró lójú ọ̀nà, ohun tó lè gba ibẹ̀ kọjá kéré débi pé kì í sábà pa bọ́ọ̀dù.

Àwọn mìíràn á wá ní kí a lo 3.3M àti 100k nígbà náà. Ibẹ̀ ni ó ti ga jù. Ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ yìí ní kí ohun tó ń bọ́ A0 má ju nǹkan bí 10k lọ, kí nọ́ńbà lè jókòó dáadáa. 330k àti 10k tí wọ́n bá pàdé ń fún A0 ní 9.7k, ó bọ́ sí i rẹ́gí.

Ẹ ra rẹ́sísítọ̀ aláwọ̀ búlúù, èyí tí àṣìṣe rẹ̀ kò ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Àwọ̀ ìlà ara wọn máa ń dàrú lójú, pàápàá lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù, nítorí náà ẹ fi mítà wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó fi lẹ́ẹ̀dì jó o.

Títò ó

Lórí fẹ́rò bọ́ọ̀dù kékeré ni kí ẹ ti jó o. Bọ́ọ̀dù oníhò tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń fi ṣe ìdánwò kò dára fún ohun tí yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì fún ọdún, wáyà á máa tú. R1 láti wáyà pọ́sítíìfù dé ibi ìpàdé, R2 láti ibi ìpàdé dé GND, wáyà kúkúrú láti ibi ìpàdé dé A0. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ R2, láti A0 dé GND, ẹ fi kápásítọ̀ pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ 104 sí lára. Ẹ má fi kápásítọ̀ onígọ́ńgọ́ ńlá síbẹ̀ pé kí nọ́ńbà lè dúró jẹ́ẹ́. Irú ìyẹn máa ń jò díẹ̀díẹ̀, ohun tó bá sì jò níbí, ìlọ́po mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n rẹ̀ ni yóò dín lórí fóltéèjì tí ẹ ń kà.

Ẹsẹ̀ R2 ni ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù lọ. Ó gbọ́dọ̀ lọ sí píìnì GND tó wà lára bọ́ọ̀dù, tààrà, láìbá wáyà nẹ́gátíìfù ojú aláwòrán tàbí ti bọ́sà pín ọ̀nà kan náà. Bí iná ojú aláwòrán bá ń gba wáyà yẹn, ó lè gbé ẹsẹ̀ R2 sókè ní mílífóltì mẹ́ta péré. Mẹ́ta yẹn, tí kóòdù bá sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ti di ìdá kan nínú mẹ́wàá fóltì. Ẹ ó máa rí i pé nígbàkígbà tí ojú aláwòrán bá tàn, bátìrì “ga sókè” díẹ̀. Bátìrì ò ṣe nǹkan kan.

Láti bátìrì wá, orí bátìrì gan-an ni kí ẹ ti mú wáyà méjèèjì: pọ́sítíìfù bátìrì òkè àti nẹ́gátíìfù bátìrì ìsàlẹ̀. Àwọn onírewáyà fẹ́ràn láti mú un lẹ́nu ínfátà, torí pé ibẹ̀ súnmọ́. Ní Sábó, nígbà tí lóòdù jẹ́ nǹkan bí 1000 wáàtì, áńpíà bíi 46 ló ń gba wáyà ńlá náà kọjá. Mítà ka 24.3 lórí bátìrì, 23.8 lẹ́nu ínfátà. Ìdajì fóltì ti sọnù sójú ọ̀nà. A fi ẹnu mítà kan sórí bótì bátìrì, èkejì sórí etí wáyà tí bótì náà dì mú, a bá 0.3 níbẹ̀, láàárín irin méjì tó yẹ kí ó jẹ́ ọ̀kan. Bótì náà kò fún dáadáa, ó sì ti hu funfun. A tú u, a fi sáńpépà ha á, a dì í padà, a fi fasilíìnì kùn ún lókè. Nǹkan bí 0.3 yẹn padà wá. Bí ẹ bá ti mú wáyà lẹ́nu ínfátà, irú ẹ̀bi yìí á wọnú nọ́ńbà yín, ẹ ó sì di ẹ̀bi bótì ru bátìrì tí kò ṣẹ̀.

Ẹ fi etí wáyà olóbìírí sábẹ́ bótì, kí ẹ má fi ohun tó ń fi ẹnu gé nǹkan mú gbé e kọ́. Lórí pọ́sítíìfù, kí wáyà yín tó rìn jìnnà rárá, fíúsì ìdajì áńpíà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ nínú ilé rẹ̀. Bátìrì méjì yìí lè ju ẹgbẹ̀rún áńpíà jáde bí pọ́sítíìfù bá kan nẹ́gátíìfù. Wáyà tín-ínrín yín á pọ́n bí iná kí ẹ tó rí i. Fíúsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀dù kò lè gba wáyà tó wà láàárín òun àti bátìrì, ẹ̀gbẹ́ bátìrì ni ààyè rẹ̀.

Láti gbé bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀, a lo ẹ̀rọ pẹlẹbẹ LM2596 tó ń rẹ 24 sílẹ̀ di 5, láti ẹ̀yìn fíúsì kan náà. Ẹ yí skúrù rẹ̀ títí mítà á fi ka 5.0 kí ẹ tó so bọ́ọ̀dù mọ́ ọn. Ẹ má gbé e láti sọ́kẹ́ẹ̀tì ínfátà. Ọjọ́ tí ínfátà bá kú ni ẹ ó nílò rẹ̀ jù, ọjọ́ náà gan-an ni òun pẹ̀lú á kú. Ẹ gbé àpótí rẹ̀ kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, kì í ṣe sórí bátìrì, nítorí afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde nígbà ṣájì lè gbiná, ásíìdì inú rẹ̀ sì máa ń jẹ lẹ́ẹ̀dì.

Kí A0 tó kan ibi ìpàdé náà, ẹ dán an wò. Bátìrì 9 fóltì rédíò, tí ẹ bá fi sí ẹnu wáyà méjèèjì, gbọ́dọ̀ mú nǹkan bí 0.26 wá níbi ìpàdé. Lẹ́yìn náà ni bátìrì ńlá: bí 25.4 bá wà lórí rẹ̀, ẹ retí 0.75. Bí ẹ bá bá 20 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ti pààrọ̀ àyè R1 pẹ̀lú ti R2, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má so A0.

Kóòdù

Ínfátà máa ń fa iná lára bátìrì ní ìgbì, ìgbà ọgọ́rùn-ún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí iná 50 Hz tó ń ṣe jáde. Bí ẹ bá ka A0 lẹ́ẹ̀kan, ẹ lè bá a ní téńté ìgbì tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀. Kóòdù yìí ń kà á léraléra fún 200 mílísẹ́kọ́ǹdì, tó jẹ́ ogún ìgbì géérégé, ó sì ń pín in dọ́gba. Géérégé yẹn ló ṣe kókó. Bí ẹ bá fi 205 síbẹ̀, ìdajì ìgbì kan á ṣẹ́kù tí yóò máa mì nọ́ńbà náà.

```
float K = 0.0365;
const int BOSA = 8;
bool ke = false;
unsigned long igba = 0;

float kaOnka(int pin) {
  unsigned long apapo = 0, iye = 0, t = millis();
  while (millis() - t < 200) {
    apapo += analogRead(pin);
    iye++;
  }
  return (float)apapo / iye;
}

void setup() {
  analogReference(INTERNAL);
  pinMode(BOSA, OUTPUT);
  Serial.begin(9600);
  kaOnka(A0);
}

void loop() {
  float n = kaOnka(A0);
  float v = n * K;
  Serial.print(n, 1);
  Serial.print("  ");
  Serial.println(v, 2);
  if (v > 23.4) igba = millis();
  if (millis() - igba > 60000UL) ke = true;
  if (v > 24.6) ke = false;
  digitalWrite(BOSA, ke);
  delay(100);
  digitalWrite(BOSA, LOW);
  delay(900);
}
```

`analogReference(INTERNAL)` ló ń sọ fún bọ́ọ̀dù kí ó lo 1.1. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, bátìrì yín á máa jẹ́ nǹkan bí fóltì 6 péré lójú yín, ẹ ó mọ̀ kíá. Kíkà tó wà nínú `setup` wà láti da àwọn nọ́ńbà àkọ́kọ́ nù, torí òṣùwọ̀n máa ń gba àsìkò díẹ̀ láti jókòó. Bí kóòdù bá kọ̀ láti wọlé sórí bọ́ọ̀dù olówó pọ́ọ́kú, ẹ lọ sí `Tools`, `Processor`, kí ẹ mú `ATmega328P (Old Bootloader)`.

Títún iye rẹ̀ ṣe

Ibi tí àwọn ènìyàn máa ń fò kọjá nìyí. K tó wà nínú kóòdù jẹ́ ti ìwé: 1.1 lọ́nà 34, pín in sí 1024. Rẹ́sísítọ̀ yín kì í ṣe ti ìwé, òṣùwọ̀n yín kì í ṣe ti ìwé.

Ẹ so láptọ́ọ̀pù mọ́ bọ́ọ̀dù kí ẹ ṣí `Serial Monitor`. Ẹ kọ́kọ́ yọ ṣájà láptọ́ọ̀pù kúrò lára iná, nítorí nẹ́gátíìfù rẹ̀ ti di ọ̀kan pẹ̀lú ti bátìrì báyìí, ínfátà mìíràn sì wà tí kò ya bátìrì sọ́tọ̀ kúrò lára iná ilé. Ẹ wo mítà yín pẹ̀lú: mítà aláwọ̀ yẹ́lò pọ́ọ́kú, tí bátìrì 9 fóltì inú rẹ̀ bá ti ń lọ, máa ń ka nǹkan sókè. Ẹni tó bá fi irú rẹ̀ tún nọ́ńbà ṣe ti fi afọ́jú mọ̀nà.

Ní Sábó, a pa gbogbo lóòdù, kò sí oòrùn, a gbé ẹnu mítà lé orí bátìrì. Mítà ní 25.46. Bọ́ọ̀dù kọ 712.2, ó sì ní fóltéèjì jẹ́ 26.00. Àṣìṣe rẹ̀ ju ìdajì fóltì lọ, ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin agbára bátìrì lọ. K tuntun ni ohun tí mítà sọ, pín in sí ohun tí bọ́ọ̀dù kọ:

```
K = 25.46 / 712.2 = 0.03575
```

Ẹ fi èyí rọ́pò, ẹ tún fi kóòdù ránṣẹ́. Ó ku kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò níbòmíràn. Ní ọ̀sán, nígbà tí sólà gbé e dé 28.80 lójú mítà, bọ́ọ̀dù kọ 805 àti díẹ̀, fóltéèjì 28.79. Bí ibi kejì yìí bá bá mítà mu, ó parí. Bí ó bá pé nísàlẹ̀ ṣùgbọ́n tó ń kéré lókè, ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà ti ń sún mọ́ 1023, ìyẹn ni pé R1 kéré jù fún òṣùwọ̀n bọ́ọ̀dù yín. Bí ó bá ń fi iye kan náà ṣìnà níbi gbogbo, ẹ padà lọ wo ẹsẹ̀ R2.

Ibi tí bọ́sà ti ń ké

Mo fi 23.4 sí kóòdù, ó sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ẹ̀rọ fótókọ́pì Màmá ló fa ìṣẹ́jú kan yẹn. Ohun tó ń gbóná nínú rẹ̀ máa ń tàn, máa ń kú. Bí ó bá tàn, fóltéèjì á já láti 24.6 sí 23.2, lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ á padà sókè. Láìsí ìdúró yẹn, bọ́sà á máa ké sí gbogbo ìwé tí wọ́n bá tẹ̀, wọn á sì yọ wáyà rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

23.4 yìí jẹ́ ti bátìrì tó wà lábẹ́ lóòdù, ẹ má fi wé 24.4 ti bátìrì tó sinmi. Ọ̀pọ̀ ínfátà 24 fóltì ni yóò dúró di nǹkan bí 21 kí wọ́n tó pa ara wọn, nígbà yẹn bátìrì ti jìyà. Ẹ wo nọ́ńbà yín fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó pinnu ibi tó bá lóòdù yín mu. Bọ́sà kò ní dákẹ́ àfi bí fóltéèjì bá kọjá 24.6, ìyẹn nígbà tí oòrùn tàbí Nẹ́pà bá ti dé. Mo fi í síbẹ̀ torí pé bí lóòdù bá ti kúrò, fóltéèjì á gòkè fúnra rẹ̀, kò sì túmọ̀ sí pé nǹkan kan ti wọnú bátìrì.

Bí nọ́ńbà bá dúró gbagidi sí 1023, ẹsẹ̀ R2 ti já. Bí ó bá di 0, ẹ wo R1. Bí bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ bá kú, ẹ wo fíúsì. Bí ó bá ń fò kiri láìka bátìrì sí, wáyà A0 ló tú.

Gbogbo èyí jẹ́ ti bátìrì olómi àti àwọn ìbátan rẹ̀. Líthíọ́ọ̀mù oní-fọ́sífẹ́ètì máa ń jókòó sí nǹkan bí 26.4 fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú agbára rẹ̀. Ẹ lè ka fóltéèjì rẹ̀ dáadáa pẹ̀lú 330k àti 10k yìí, kò ní sọ fún yín bóyá ó ku ìdajì tàbí ó ku díẹ̀. Áńpíà tó wọlé àti èyí tó jáde ni ẹ ó máa kà fún ìyẹn.

Bátìrì méjì, nọ́ńbà méjì

Nọ́ńbà kan fún bátìrì méjì tí wọ́n so tẹ̀ léra lè bo àṣírí. Mo ní kí Màmá jẹ́ kí a fi 330k àti 10k mìíràn kún un sí A1, pẹ̀lú fíúsì tirẹ̀, láti orí pọ́sítíìfù bátìrì ìsàlẹ̀, níbi tí wáyà tó so méjèèjì pọ̀ wà. K tirẹ̀ yàtọ̀, ẹ fi mítà wá a bí ti àkọ́kọ́. A1 ni bátìrì ìsàlẹ̀. Tí ẹ bá yọ ọ́ kúrò nínú ti A0, ohun tó kù ni ti òkè.

Nígbà ṣájì, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 28.6, ó dára lójú. A1 ní 14.7. Ti òkè wá jẹ́ 13.9. Iná kan náà ló ń gba inú méjèèjì, síbẹ̀ ọ̀kan ti yó débi pé ó ń hó, èkejì ò tíì súnmọ́ ọn, ṣájà sì rò pé àwọn méjèèjì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Ohun tó ń pa ínfátà Màmá ní ìrọ̀lẹ́ nìyẹn: bátìrì òkè ló ń tán, ti ìsàlẹ̀ ṣì ní. Ká ní sẹ́ẹ̀lì kan ló ti kú pátápátá, ìyàtọ̀ náà á sún mọ́ fóltì méjì, torí sẹ́ẹ̀lì kan jẹ́ nǹkan bí 2.1, a ò bá ti máa sọ ti bátìrì tuntun. 0.8 ṣì fi àyè sílẹ̀. A ṣí àwọn ìdérí, omi ti lọ sílẹ̀ nínú bátìrì ìsàlẹ̀ tó ti ń hó láti ọjọ́ yìí wá, a fi omi bátìrì kún un. Bátìrì òkè la yọ kúrò, a fi ṣájà 12 fóltì gbé òun nìkan ṣoṣo títí tó fi kún, a sì so ó padà.

Ìlà méjì lẹ fi kún kóòdù fún ìyàtọ̀ yìí, lẹ́yìn tí ẹ bá ti kọ K1 sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ K:

```
float isale = kaOnka(A1) * K1;
float iyato = (v - isale) - isale;
```

Nígbà ṣájì, bí ìyàtọ̀ yìí bá ti ń ju 0.3 lọ lójoojúmọ́, yálà sókè tàbí sísàlẹ̀, ẹ yọ èyí tó kéré kí ẹ gbé e ní òun nìkan. Bí ó bá tún yà sẹ́yìn láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ní ohun tí wọ́n fi ń wọn ásíìdì wo sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má sì fi bátìrì tuntun kan ṣoṣo rọ́pò rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ti gbó. Ìyàtọ̀ tí ẹ ń sá fún á tún jókòó sójú A1, àmọ́ láti ẹ̀gbẹ́ kejì.